Ìwé-Ẹ̀rí Ilé Iṣẹ́ Ẹlẹ́rìndòdò Lójú Agbanisíṣẹ́ Ọsibítù

Ká sọ pé ọsibítù aládàáni kan l'Ékòó ń wá ẹni tí yóò máa mójú tó bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nínú ọgbà wọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìpolówó pé àwọn ń fẹ́ ẹni tó lè dín àkókò tó ń ṣòfò láàárín iṣẹ́ abẹ kan sí èkejì kù, ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi àkọsílẹ̀ wá ìdí ìṣòro, tó sì lè bá dókítà àti nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ láìsí ìjà. Obìnrin kan rí ìpolówó yìí. Ọdún mẹ́fà ló ti lò ní ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kan ní Ìbàdàn, alábòójútó láìnì tí wọ́n ti ń rọ ohun mímu sínú ìgò ni. Ní oṣù kẹta ọdún yìí ló gba ìwé-ẹ̀rí tuntun kan, Síkìsì Sígímà, ìpele Gíríìnì Bẹ́líìtì. Mo fi obìnrin yìí ṣe àpẹẹrẹ ni o, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò wọ́n láàárín wa: ẹni tó kàwé tuntun nídìí iṣẹ́ kan, tó sì fẹ́ fi ìwé náà wọ ìdí iṣẹ́ mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni, èyí tí yóò ti ṣàlàyé ìwé-ẹ̀rí náà fún ẹni tí kò wọ ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò rí. Ibẹ̀ lẹ́tà púpọ̀ ti ń dojú rú.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí yóò kà á. Òṣìṣẹ́ tó ń gbani síṣẹ́ ní ọsibítù mọ ìwé-ẹ̀rí dáadáa, àmọ́ irú kan ló mọ̀. Ó mọ ìwé àṣẹ tí ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ń fúnni, ó mọ ti dókítà, ó mọ ti apòògùn. Nínú ayé tirẹ̀, ẹni tí kò bá ní ìwé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí òun bá wá rí Gíríìnì Bẹ́líìtì nínú lẹ́tà, ohun tó máa bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé ìwé àṣẹ lèyí? Ta ló fún un? Kí ni ẹni tí kò ní in kò lè ṣe? Tí ìpínrọ̀ náà kò bá dáhùn, yóò fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú àwọn ìwé ìjókòó-sẹminá tí gbogbo ènìyàn ń kó jọ, tàbí kó tiẹ̀ rò pé eléyìí ń ta kàrátè lẹ́yìn iṣẹ́.

Ìtàn ìwé náà kò ṣòro. Ní ọdún 1986, ní ilé iṣẹ́ Motorola ní Amẹ́ríkà, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Bill Smith gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti fi dín àṣìṣe kù nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti ọdún 1995 ni Jack Welch ti mú un wọ General Electric, láti ibẹ̀ ló sì ti tàn káàkiri. Inú eré ìjà bíi júdò ni wọ́n ti yá orúkọ bẹ́líìtì. Ẹni tó wà ní ìpele dúdú sábà máa ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ darí irú iṣẹ́ àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà ní ìpele aláwọ̀ ewé ń ṣe é pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ń tẹ̀ lé: kí a sọ ohun tí ìṣòro jẹ́ gan-an, kí a wọ̀n ọ́n, kí a wá ìdí rẹ̀, kí a tún un ṣe, kí a sì máa ṣọ́ ọ kó má padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni pé kò sí ẹgbẹ́ kan tó ni orúkọ Gíríìnì Bẹ́líìtì lóun nìkan. Ẹgbẹ́ ASQ ti Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó ìdánwò yìí àfi tó bá ti ṣiṣẹ́ owó oṣù fún ọdún mẹ́ta nídìí irú iṣẹ́ tí ìdánwò náà dá lé. Ìbéèrè 110 ló wà nínú ìdánwò wọn lórí kọ̀ǹpútà, 100 nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ẹgbẹ́ mìíràn, IASSC, kò béèrè iṣẹ́ ọdún kankan, ẹni tó bá lè yege nínú ìbéèrè 100 ti ní in. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti wo fídíò wọn tán, ìwé ti dé. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń kọ sára ìwé. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ Gíríìnì Bẹ́líìtì nìkan sínú lẹ́tà kò tíì sọ ohun tó gbà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó gba ìwé ASQ gan-an kì í sábà rántí sọ. Ẹni tó ń lọ fún ìpele dúdú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ti parí iṣẹ́ àtúnṣe lójú ayé. Wọn kò béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ fún aláwọ̀ ewé. Ìwé obìnrin wa yìí jẹ́rìí pé ó mọ ọ̀nà náà, kò jẹ́rìí pé ó ti lò ó. Lílò rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ ní láti sọ, ibẹ̀ sì ni agbára ìpínrọ̀ náà wà.

Ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà náà, bó ti máa ń rí lọ́dọ̀ wa, Yorùbá rẹ̀ ni mo kọ síbí:

“Inú mi dùn láti sọ fún yín pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí CSSGB ti ASQ. Ìwé-ẹ̀rí tí gbogbo ayé mọ̀ yìí ti sọ mí di ọ̀jáfáfá nínú DMAIC, SPC àti FMEA. Ó dá mi lójú pé ìmọ̀ yìí yóò mú àyípadà ńlá bá ọsibítù yín.”

Gbólóhùn mẹ́ta, orúkọ onílẹ́tà-kíkúrú márùn-ún. Ẹni tó mọ márààrún kò nílò ìpínrọ̀ náà. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. “Gbogbo ayé mọ̀” tún dá kún un, nítorí ẹni tó ń kà á kò mọ̀ ọ́n, ó wá dà bíi pé wọ́n ń bá a wí. Gbólóhùn kẹta ló burú jù lójú tèmi. Obìnrin tí kò tíì dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ wọn ti ń ṣèlérí àyípadà ńlá. Tí lẹ́tà náà bá dé ọwọ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, ẹ mọ ojú tí yóò fi wò ó.

Kò sí ohun tí obìnrin yìí ṣe nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sì ṣe nǹkan.

Lórí láìnì tó ń bójú tó, ohun mímu tó ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n ń rọ. Tí wọ́n bá rọ ti ọsàn tán, tí wọ́n sì fẹ́ bọ́ sí ti ọ̀pẹ̀yìnbó, láìnì gbọ́dọ̀ dúró. Wọn á fọ páìpù, wọn á pààrọ̀ lébẹ́ẹ̀lì, wọn á tún àwọn irin tó ń di ọrùn ìgò mú tò bí ìgò bá yàtọ̀, wọn á sì dúró de làbù kó yẹ ìwọ̀n ṣúgà inú sírọ́ọ̀pù tuntun wò. Ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe èyí. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó ń pẹ́, àmọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé àwọn kan ń kà á láti ìgbà tí ẹ̀rọ dúró, àwọn mìíràn láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ páìpù.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yan ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin kan tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀: láti orí ìgò ọsàn tó dára kẹ́yìn títí dé orí ìgò ọ̀pẹ̀yìnbó tó kọ́kọ́ dára. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyẹn nídìí iṣẹ́ yìí níbi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi aago wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìgbà mẹ́rìndínlógún, ó rí i pé tí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú 75 ni. Lẹ́yìn náà ló pín iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú wọ̀nyí sí ọ̀nà méjì: èyí tí a kò lè ṣe àfi kí ẹ̀rọ dúró, àti èyí tí a ti lè ṣe parí kí ẹ̀rọ tó dúró. Ará Japan kan, Shigeo Shingo, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀. Fífọ páìpù kò ṣeé ṣe nígbà tí ohun mímu ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àmọ́ kò sí ìdí tí lébẹ́ẹ̀lì fi gbọ́dọ̀ wà ní sítọ́ọ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi dúró, kò sì sí ìdí tí làbù fi gbọ́dọ̀ dúró dìgbà yẹn kó tó bu sírọ́ọ̀pù inú táǹkì wò. Wọ́n gbé àwọn wọ̀nyí síwájú. Ó di ìṣẹ́jú 50. Oṣù mẹ́ta ló fi ń wọ̀n ọ́n lọ lẹ́yìn náà, kò sì yẹ̀.

Báyìí, ẹ padà sí ìpolówó ọsibítù. Àkókò láàárín iṣẹ́ abẹ kan sí èkejì: aláìsàn kan jáde, wọ́n nu yàrá, wọ́n tú irinṣẹ́ tuntun, wọ́n gbé aláìsàn mìíràn wá láti wọ́ọ̀dù, olóògùn oorun múra. Ní àwọn ọsibítù tó ń ṣọ́ ọ, láti ìgbà tí aláìsàn ti jáde títí dìgbà tí èkejì wọlé ni wọ́n ń kà. Ìgò tó dára kẹ́yìn, ìgò tó dára àkọ́kọ́. Aláìsàn jáde, aláìsàn wọlé. Ọ̀nà ìwọ̀n kan náà ni. Kí irinṣẹ́ má tíì ti yàrá tí wọ́n ti ń pa kòkòrò ara rẹ̀ dé nígbà tí yàrá iṣẹ́ abẹ ti mọ́ tónítóní, ẹ̀gbọ́n lébẹ́ẹ̀lì tó wà ní sítọ́ọ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe òní ni irú ìrìn-àjò yìí bẹ̀rẹ̀. Frank Gilbreth, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi bíríkìlà ní Amẹ́ríkà, wo bí a ṣe ń to búlọ́ọ̀kù títí tó fi dín ìgbòkègbodò ọwọ́ kù, ó sì wá gbé ojú yẹn lọ sínú yàrá iṣẹ́ abẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó rí i pé dókítà fúnra rẹ̀ ló ń wá irinṣẹ́ kiri, ó sì dábàá pé kí nọ́ọ̀sì máa fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ tó bá ti béèrè. Ní ọdún 2002, àwọn ọ̀gá ọsibítù Virginia Mason ní ìlú Seattle rìnrìn-àjò lọ sí Japan láti lọ wo bí Toyota ṣe ń ṣe mọ́tò, wọ́n sì gbé ọ̀nà náà wálé. Mo sọ ìwọ̀nyí kó lè hàn pé afárá náà wà, àmọ́ kí obìnrin wa má fi wọ́n sínú lẹ́tà. Ìtàn ẹlòmíràn ni, ìpínrọ̀ kò sì ní àyè fún un.

Ìpínrọ̀ tó wá kọ lẹ́yìn náà nìyí:

“Ní oṣù kẹta ọdún yìí, mo yege nínú ìdánwò Certified Six Sigma Green Belt, CSSGB, ti ẹgbẹ́ ASQ ní Amẹ́ríkà. Ìdánwò náà dá lórí bí a ṣe ń wá ibi tí àkókò àti ohun èlò ti ń ṣòfò nínú iṣẹ́, wọn kì í sì í gba ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ fún un, èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lo ọ̀nà náà lórí láìnì tí mò ń bójú tó. Àkókò tí láìnì fi ń dúró láàárín ohun mímu kan sí òmíràn wá sílẹ̀ láti ìṣẹ́jú 75 sí 50, ó sì dúró síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìpolówó yín mẹ́nu ba àkókò tó ń ṣòfò láàárín iṣẹ́ abẹ kan sí èkejì. N kò tíì ṣiṣẹ́ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ rí, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì yín ló mọ ohun tí a kò gbọdọ̀ sáré ṣe níbẹ̀. Ohun tí mo lè bá wọn ṣe ni kí a wọn àkókò náà lọ́nà kan náà lójoojúmọ́, kí a sì rí èyí tí a lè múra rẹ̀ sílẹ̀ kí aláìsàn tó jáde.”

Ó kọ orúkọ ìwé náà ní kíkún, bó ti wà lára ìwé gan-an, ó sì fi ìgékúrú rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan péré. Ìdí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣẹ́ lẹ́tà àti síífíì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ sínú rẹ̀ ló sì ń wá. Bó bá kọ ọ́ báyìí nínú lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ náà ni kó kọ ọ́ nínú síífíì. DMAIC àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ. Bí ọsibítù bá fẹ́ gbọ́ wọn, wọn á béèrè lójúkojú.

“Èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́” kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ lásán. Kò sẹ́ni tó lè dá nìkan pààrọ̀ láìnì, ìpolówó sì ti sọ pé ẹni tó mọ ènìyàn bá ṣiṣẹ́ ni àwọn ń wá. Nípa iye ìṣẹ́jú, kó rí i pé kì í ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kà sí àṣírí. Bó bá jẹ́ àṣírí, kó kọ ọ́ pé ó dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Òótọ́ kan náà ni, kò sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí ènìyàn má jẹ́wọ́ ohun tí kò mọ̀ nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́. N kò gbà pẹ̀lú wọn lórí ibí yìí. Ẹni tó ń ka lẹ́tà náà ti ń sọ ọ́ sínú pé ìgò kì í ṣe ènìyàn, ẹni tó bá sáré lórí aláìsàn lè pa á. Gbólóhùn “n kò tíì ṣiṣẹ́ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ rí” pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni kó sọ ọ́, kó má fi ẹ̀bẹ̀ kún un, kí ohun tó lè ṣe sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀.

Ìpínrọ̀ kejì ni kó fi í ṣe. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni yóò ti sọ iṣẹ́ tó ń wá àti ọdún mẹ́fà tó ti lò. Tí ìwé tuntun bá ṣáájú, yóò dà bíi pé ìwé náà ni gbogbo ohun tó ní.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀ fún ẹni tí kò tíì dé ibi tí obìnrin yìí dé. Ẹni tó ti parí ẹ̀kọ́ àmọ́ tí kò tíì ṣe ìdánwò, kó kọ ọ́ pé òun ti parí ẹ̀kọ́ náà, kó sì dárúkọ oṣù tí òun yóò ṣe ìdánwò. Kó má kọ “mo ti gbà á,” nítorí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní ọ̀nà tí agbanisíṣẹ́ lè fi yẹ orúkọ wò, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó yege àmọ́ tí kò tíì lò ó níbi kankan, kó wá ohun kékeré kan níbi iṣẹ́ tó wà báyìí, kó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ̀n ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ bí fáìlì ṣe ń pẹ́ tó lórí tábìlì ọ̀gá kan ni. Àkọsílẹ̀ tòótọ́ tí kò tíì bí àtúnṣe kankan sàn ju ìdá ọgọ́rùn-ún tí ènìyàn gbé jáde láti orí.

Kí lẹ́tà tó lọ, kó fún nọ́ọ̀sì kan tó bá mọ̀ kà, kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Tó bá kà á tán, kó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì bi í pé: kí ni mo ṣe, níbo ni mo sì lè wúlò lọ́dọ̀ yín? Bí nọ́ọ̀sì náà bá fèsì pé “Ẹ ní sátífíkéètì kan báyìí,” ìpínrọ̀ náà kò tíì jinná. Bó bá ní “Ẹ fẹ́ dín bí a ṣe ń dúró de irinṣẹ́ kù,” kó fi ránṣẹ́.

Bí wọ́n bá wá pè é, ìbéèrè kan tí kò ní ṣaláì wáyé ni pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ìṣẹ́jú 75 ni tẹ́lẹ̀. Kó mú ìwé tó kọ ìgbà mẹ́rìndínlógún náà sí dání, tàbí kó há a sórí: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ibi tó parí sí, àti ọjọ́ tó burú jù. Ọjọ́ kan wà tó gba ìṣẹ́jú 110 nítorí pé lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbé wá kì í ṣe ti ìgò tó wà lórí láìnì. Kó má fi ọjọ́ yẹn pamọ́. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó bá jókòó síbẹ̀ ti mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tú irinṣẹ́ tán tí wọ́n wá rí i pé ti iṣẹ́ abẹ mìíràn ni, yóò sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe sí i nílé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò tí kò fi ṣẹlẹ̀ mọ́.